Mọ́tò Méjì, Iye Kan Náà, Inṣọ́ránsì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ford Fiesta méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù mọ́tò ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Peckham. Funfun ni ọ̀kan. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kò sì sí ohun tó fi ń ṣakọ. Búlúù ni èkejì. Ọdún 2014 ni tiẹ̀, ó sì ti rìn jìnnà ju funfun lọ, àmọ́ ríìmù rẹ̀ ń dán, sàlẹ́ńsà rẹ̀ lẹ́nu méjì, lẹ́tà méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ST. Iye kan náà ni ẹni tó ń tà wọ́n kọ sí gíláàsì iwájú àwọn méjèèjì, £5,500.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ rà á jẹ́ ẹni ọdún 19. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tó gba láísẹ́ńsì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, òun ló sì fẹ́ bá a san ìdajì. Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo funfun lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́mì, ẹ wò ó, iye kan náà ni wọ́n. Kí la fẹ́ fi èyí tí kò lè sáré ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó bá wọn wá kò dá sí i. Ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò búlúù sójú ìkànnì tí wọ́n ti ń fi owó inṣọ́ránsì wéra, ó ní kí ọmọ náà máa pe ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì àti ọjọ́ tó gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí iye jáde, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ £4,600 fún ọdún kan. Ó pa nọ́ńbà búlúù rẹ́, ó fi ti funfun sí i, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. £2,100.

"Ọ́ńkù, wọ́n ti ṣì í."

Wọn ò ṣì í. Àpẹẹrẹ la fi àwọn iye wọ̀nyí ṣe, torí owó inṣọ́ránsì kì í dúró lójú kan, ohun tí wọ́n pè láàárọ̀ lè yàtọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n irú àlàfo bẹ́ẹ̀ láàárín mọ́tò méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í ṣe ohun àrà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá fún ọ̀dọ́ tó ń gbé inú Lọ́ńdọ̀nù. £2,500 ni ìyàtọ̀ náà fún ọdún kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá pín in sí oṣù méjìlá, ó ju £200 lọ lóṣù. Bí ọmọ náà bá wa mọ́tò búlúù fún ọdún méjì ààbọ̀, tí iye ò sì yí padà púpọ̀, àfikún tó máa san lórí inṣọ́ránsì nìkan yóò ti ju owó tó fi ra mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí gíláàsì ò sọ èyí fún un, ẹni tó ń tajà náà ò sì ní ìdí láti sọ ọ́.

Èèyàn tó ti Nàìjíríà dé kò lè tètè rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì jẹ̀bi. Nílé, iye tí mọ́tò jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò. Àjọ NAICOM tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò ní Nàìjíríà gbé owó táàdì pátì fún mọ́tò àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé inṣọ́ránsì tó bo gbogbo nǹkan kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò náà. Mọ́tò tó jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù, ₦500,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, yálà Corolla ni tàbí Golf. Ẹni tó mọ iye mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye inṣọ́ránsì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò £5,500 lè gba £600 lọ́wọ́ ẹnì kan, kó gba £4,600 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ilé-iṣẹ́ kan sì kọ̀ láti pe owó kankan rárá. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ABI, sọ pé £622 ni àwọn onímọ́tò san ní ìpíndọ́gba ní ọdún 2024. Ẹni ọdún 19 tó ń gbé Peckham tó bá fi iye yẹn ṣètò owó rẹ̀ yóò lá omi ojú.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpele. Wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ mọ́tò àdáni tó wà lọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpele láti 1 dé 50. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Thatcham Research ló ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ABI, àwọn adójútòfò ló sì dá a sílẹ̀ ní 1969 láti wá bí owó àtúnṣe mọ́tò yóò ṣe máa dín kù. Mọ́tò tó wà ní ìpele 1 ló rọrùn jù láti ṣe inṣọ́ránsì fún. Ní 50, àwọn bíi Range Rover olówó ńlá àti Tesla Model S lẹ máa bá níbẹ̀. Fiesta búlúù yẹn, ST ti ọdún 2014, apá 30 ló wà. Funfun tó ní ẹ́ńjìnnì 1.25 kò dé 10.

Ẹni tó bá rò pé eré sísá nìkan ló fa èyí ti gbàgbé àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà. Apá tó tóbi nínú ìṣirò náà ni owó àtúnṣe. Thatcham máa ń mú mọ́tò tuntun kọlu nǹkan, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú eré tí kò ju kìlómítà 15 ní wákàtí kan lọ, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni ẹ̀yìn kò tètè tẹ búrékì níbi iná tráfíìkì. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka ohun tó bàjẹ́. Bọ́ńpà nìkan ni àbí irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti tẹ̀? Iná iwájú ńkọ́? Wákàtí mélòó ni oníṣẹ́ yóò lò? Ṣé ẹ̀yà ara mọ́tò náà wà nílẹ̀ àbí èèyàn á dúró dè é? Wọ́n tún máa ń wo iye tí àwọn ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jẹ́ tí wọ́n bá fi ti mọ́tò kan wé ti òmíràn.

Níbí ni mọ́tò tuntun ti ń já èèyàn kulẹ̀. Bọ́ńpà àtijọ́, rọ́bà lásán ni. Ti ìsinsìnyí lè ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wo mọ́tò iwájú, sẹ́ńsọ̀ ìgbọ́kọ̀síta, àti wáyà tó so gbogbo wọn pọ̀. Gíláàsì iwájú ní kámẹ́rà lẹ́yìn dígí ìwòẹ̀yìn, tí gíláàsì náà bá fọ́, wọn ò ní kan lẹ òmíràn mọ́ ọn kí wọ́n sì kí oní-mọ́tò pé ó dàbọ̀. Wọ́n ní láti tún kámẹ́rà náà ṣètò pẹ̀lú ẹ̀rọ kó lè ríran dọ́gba, torí bó bá fi díẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ́tò náà yóò máa rí ohun tí kò sí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun èlò kan náà tó gbówó lórí yìí lè dín ìpele kù, nítorí mọ́tò tó lè dá búrékì ara rẹ̀ tẹ̀ kì í kọlu ẹni iwájú bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní láti fi èkíní yọ kúrò nínú èkejì, èsì rẹ̀ kì í sì í bá ohun tí ojú rí mu nígbà gbogbo.

Mọ́tò oníná fi èyí hàn dáadáa. Abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò ni bátìrì rẹ̀ wà, òun ló sì gbówó lórí jù nínú rẹ̀. Tí òkúta bá ha á lábẹ́, oníṣẹ́ tí kò mọ bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lè ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, ìgbà mìíràn sì wà tí ìpààrọ̀ náà ń ju iye mọ́tò lọ. Ẹni tó ra mọ́tò oníná nítorí pé epo rẹ̀ ò wọ́n ní láti kọ́kọ́ wo ohun tí inṣọ́ránsì máa gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpele, lẹ́tà kan tún wà tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Ọ̀rọ̀ olè ló ń sọ. E túmọ̀ sí pé ààbò mọ́tò náà ju ohun tí wọ́n retí lọ, A pé ó tó, D pé kò tó, U pé kò ṣeé gbà rárá. Tí èèyàn bá rí G, mọ́tò tí wọ́n fúnra wọn kó wọlé láti òkè òkun ni. Àwọn Toyota tó ti Japan wá, tí wọn ò ta irú wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, wọ́pọ̀ nínú èyí. Ẹni tó bá rà á yóò rí i pé ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ bá a ṣe é kò pọ̀.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ olè ti hàn tó Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan láti 1998 pé gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣí bí kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kánádà ṣe tiwọn ní 2007. Amẹ́ríkà ò ṣe é. Ní ọdún 2015, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún irú mọ́tò tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń ṣe ló ní ẹ̀rọ náà, àmọ́ ti Hyundai àti Kia kò ju ìdá 26 lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tó di nǹkan bíi 2021, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Milwaukee rí i pé tí èèyàn bá já ike abẹ́ sítíárìn, ẹnu okùn tí wọ́n fi ń gba agbára fóònù lásán tó láti fi yí ibi kọ́kọ́rọ́, mọ́tò á sì ṣí. Wọ́n gbé fídíò rẹ̀ sórí TikTok. Kò pẹ́ tó fi kárí orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Mọ́tò àwọn èèyàn tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọn ò jàǹbá rí, di ohun tí inṣọ́ránsì ń sá fún. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé-iṣẹ́ ńlá méjì, State Farm àti Progressive, ti jáwọ́ gbígba oníbàárà tuntun tó ní irú àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú kan. Hyundai àti Kia ṣe ètò tuntun tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò náà lọ́fẹ̀ẹ́, fún mọ́tò tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ohun tó wúlò jù fún ẹni tó ń ra mọ́tò nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ní àbùkù náà. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí ni. Èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ ní ẹ̀rọ ààbò nínú. Orúkọ kan náà, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ohun tí olè ń wá, èkejì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tí olè ń gbà yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn fi sínú àpò, tí mọ́tò sì ń mọ̀ pé ó wà nítòsí, ni wọ́n ń lò. Olè kan á dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mú àmì kọ́kọ́rọ́ náà láti inú pálọ̀, á jù ú sí ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ilẹ̀kùn á ṣí. Range Rover ló gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Ó dé ibi tí àwọn tó ní in ń sọ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ wọ́n sílẹ̀, nínú oṣù kẹwàá 2023 sì ni JLR tó ń ṣe mọ́tò náà gbé inṣọ́ránsì tirẹ̀ jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àlòkù Range Rover tó dà bíi pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀ wà káàkiri báyìí. Ó yẹ kí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòló lórí rẹ̀ béèrè ohun tó mú un wálẹ̀.

Ìpele kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, níbi tó ti kọ gbogbo ohun tó ti san fún irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí. Tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ń ra irú mọ́tò kan, tí wọ́n sì ń fi kọlu ògiri lóru Sátidé, ìwé yẹn máa ń rántí. Ẹni ogójì ọdún tó ń fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ gbé ọmọ lọ síléèwé yóò bá wọn san nínú rẹ̀. Bákan náà ni mọ́tò kékeré olówó pọ́ọ́kú kì í fi gbogbo ìgbà rọrùn bí èèyàn ti rò, torí òun gan-an ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń rà. Ìdí nìyí tí ìpele 7 ní ilé-iṣẹ́ kan fi lè wọ́n ju ìpele 11 lọ fún ẹnì kan náà. Ìpele ń sọ ọ̀nà tó yẹ kí èèyàn gbà. Iye tí wọ́n pè lójú ìkànnì ló ń sọ ohun tí yóò san.

Ohun tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ jẹ́ ló máa wá sọ iye ìpele náà di púpọ̀. Fún àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibí ni ẹ̀dùn wà. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà ṣeé wa mọ́tò fún oṣù méjìlá péré láti ọjọ́ tí èèyàn bá di olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sì í bá èèyàn pààrọ̀ rẹ̀, ìdánwò ni yóò ṣe. Ẹni tó ti wa mọ́tò láti Ìbàdàn sí Èkó fún ọdún 15 láìfarapa, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún dánfó láìwo dígí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni yóò kà á sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ inṣọ́ránsì rí, tó lè gé owó náà sí ìdajì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kì í sábà bá a láti ilé wá. Nítorí náà, ìpele tí ọmọ ìlú fojú di lè gún un lójú. Ìyàtọ̀ láàárín ìpele 5 àti 20 lè jẹ́ £150 fún ẹni tó ní ẹ̀dínwó pípé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè di £1,000. Ẹni tí inṣọ́ránsì ti ká lọ́wọ́ kò jẹ̀gbádùn kó máa yan mọ́tò nítorí ríìmù.

Padà sí ibi ìtajà. Ìyá ọmọ náà ti rí ọ̀nà àbáyọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé a ò lè fi orúkọ tèmi ṣe é? Mo ti ń wa mọ́tò níbí láti ọdún 11, mi ò kọlu ẹnikẹ́ni rí. Ká ní èmi ni mo ń wà á, kí tiẹ̀ wà lábẹ́."

Ọ̀pọ̀ òbí ti sọ gbólóhùn yìí, àwọn onínṣọ́ránsì sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Irọ́ ni lójú òfin. Tí ọmọ bá ni mọ́tò, tó sì jẹ́ òun ló ń wà á lójoojúmọ́, orúkọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ni ibi tí mọ́tò ń sùn, ẹni tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, àti ọjọ́ wo ni ìyá wà á kẹ́yìn. Tí àṣírí bá tú, wọ́n lè fagi lé inṣọ́ránsì náà kí wọ́n má san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò ọmọ. Owó ẹni tí ọmọ kọlù, òfin máa ń fi dandan lé e pé kí wọ́n san án, àmọ́ wọ́n lè yíjú padà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó purọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì fagi lé inṣọ́ránsì rẹ̀ rí ní láti máa sọ ọ́ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wíwa mọ́tò láìní inṣọ́ránsì jẹ́ £300 àti pọ́íǹtì mẹ́fà lórí láísẹ́ńsì. Pọ́íǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ńsì ti lọ nìyẹn, ìdánwò ti di ọ̀tun.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó sọ ni pé, "Àbúrò mi, ìwọ náà á máa wà á ní ìparí ọ̀sẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ká fi ọ́ ṣe ẹnì kejì. Òtítọ́ nìyẹn." Ó fi orúkọ rẹ̀ kún ti ọmọ lórí funfun. Iye náà wálẹ̀ sí £1,850. Ẹnì kejì tó dàgbà, tó mọ mọ́tò wà, tó sì ń wà á lóòótọ́, sábà máa ń mú owó náà wálẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n náà gbà wò ó kì í ṣe idán, ṣùgbọ́n àwọn ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò. Nọ́ńbà ara mọ́tò ló lò, kì í ṣe orúkọ. Tó bá yan "Fiesta" fúnra rẹ̀ lójú ìkànnì náà, yóò bá oríṣiríṣi rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rọrùn láti mú ST-Line níbi tó yẹ kó mú ST. Bọ́ńpà ST-Line dà bíi ti ST, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré lè wà nínú rẹ̀, ìpele rẹ̀ sì jìnnà sí ti ST. Nọ́ńbà kì í ṣì wọ́n mú. Fọ́tò tó wà nínú ìpolówó tó láti rí i, kò di ìgbà tí èèyàn bá dé ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ti ra mọ́tò náà, ó dáhùn pé rárá, torí ìkànnì náà gba ìyẹn, kò sì sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pe owó fún mọ́tò mẹ́wàá tí kò ra ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun kejì ni pé kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn láàárín búlúù àti funfun. Èyí ṣe kókó ju bí ó ti rí lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni owó tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ yọ kí ilé-iṣẹ́ tó dá sí jàǹbá rẹ̀. Tí èèyàn bá fi £250 sí orí ọ̀kan, tó fi £1,000 sórí èkejì, ti £1,000 yóò dà bíi pé ó rọrùn, bẹ́ẹ̀ owó àpò rẹ̀ ló fi rọrùn. Ilé-iṣẹ́ náà tún lè fi tirẹ̀ kún un fún ọ̀dọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá di £1,500 lórí mọ́tò £2,000, kí ni inṣọ́ránsì ń bò mọ́? Ọjọ́ tí inṣọ́ránsì máa bẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, torí iye tí wọ́n ń pè fún ọ̀la wọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí iwájú lọ.

Àti ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: kí wọ́n má rò pé táàdì pátì ló máa rọrùn jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí apá ilé-iṣẹ́ ò ká ló ń sá lọ sí i, iye rẹ̀ sì ń gòkè tẹ̀lé wọn. Ó wọ́pọ̀ kí èyí tó bo gbogbo nǹkan kéré sí i. Ẹ wo méjèèjì.

Ohun tó kù ni mọ́tò tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Tí ẹ bá rí Cat S tàbí Cat N nínú ìpolówó, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ti san owó rẹ̀ rí, ó sì ti kà á sí ohun tí àtúnṣe rẹ̀ kò tọ́. Ti S jẹ́ ti egungun mọ́tò fúnra rẹ̀, N kì í ṣe ti egungun. Láti oṣù kẹwàá 2017 ni wọ́n ti ń lo àmì náà. Ó ṣeé rà, ó ṣeé wà tó bá ti gba àtúnṣe, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í gbà á, àwọn tó gbà á lè pe owó tó ga, tí jàǹbá bá sì tún ṣẹlẹ̀, iye tí wọ́n máa san kì í tó ti èyí tí kò ní àmì.

Ọmọ náà ra funfun. Kò yọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn ọ̀rẹ́ òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tó wà á kọjá ibi ìtajà, búlúù ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi kálámù pa £5,500 rẹ́ lórí gíláàsì, wọ́n kọ £4,995 sí i. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí kò tó ogún ọdún dúró sí iwájú rẹ̀, ọ̀kan ń ya fọ́tò ríìmù. Nọ́ńbà mọ́tò náà ò sí nínú fọ́tò.